Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fọ́máànù: Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn

Nínú gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ilé alájà, ó ṣòro kéèyàn rí èyí tó gba ìmúrasílẹ̀ tó ọjọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn. Lọ́jọ́ náà, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: sìmẹ́ńtì, yanrìn, gíráńáìtì, omi, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí iye wọn lè lé ní ọgbọ̀n. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wọ́n nínú wọn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àmọ́ kọnkéré tí wọ́n ti dà sílẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, líle ni yóò máa le lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ìjà bá dé láàárín onílé àti agbaṣẹ́ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí bí dẹ́kìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í là, ojú ewé kan tí fọ́máànù kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo èèyàn máa ń wá kiri.

Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ibi iṣẹ́. Fọ́máànù ló ń kọ ọ́, kì í sì í ju ojú ewé kan lọ lóòjọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín sí: bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye òṣìṣẹ́ tó wá àti iṣẹ́ tí kálukú ṣe, ohun èlò tó wọlé, àti ìdádúró tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́, ìwé tó ní kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kí ẹ̀dà kan lè lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, kí ìkejì lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà tàbí aṣojú onílé, kí ìkẹta sì wà nínú ìwé gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á ya.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé alájà kan ni wọ́n ń kọ́ nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n sì fẹ́ da dẹ́kìn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ká tún ní àdéhùn tó wà nílẹ̀ ni pé onílé fúnra rẹ̀ ni yóò máa ra ohun èlò, owó iṣẹ́ nìkan ni yóò sì máa san fún agbaṣẹ́ṣe, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onílé ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wa.

Ìṣirò tó ṣáájú iṣẹ́

Gígùn dẹ́kìn náà jẹ́ mítà 12, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 8, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 150. Bí wọ́n bá sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, kọnkéré tí yóò lọ síbẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́ta 14.4, láì tíì ka àwọn bíìmù mọ́ ọn. Bí wọ́n bá po kọnkéré náà ní ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì àti gíráńáìtì mẹ́rin, nǹkan bíi báàgì sìmẹ́ńtì 6.4 ló máa ń wọ mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Báàgì bíi 92 ni yóò tán síbẹ̀ nìyẹn.

Báàgì sìmẹ́ńtì kan tó wúwo tó kílò 50 gba àyè tó tó lítà 35. Nítorí náà, gíráńáìtì tó máa bá báàgì kan lọ jẹ́ lítà 140. Èyí tó máa bá báàgì 92 lọ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́ta 13, tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù 20. Fọ́máànù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ìṣirò yìí sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè mọ̀ bóyá èyí tó wà nílẹ̀ yóò tó. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, gíráńáìtì tó wà nílẹ̀ kò lè ju báàgì 56 lọ. Onílé ti ṣèlérí pé típà kan yóò já èyí tó kù sílẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù.

Bí ọjọ́ náà ṣe lọ

Ohun tí fọ́máànù kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé:

"Aago 7:30, a bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré. Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, òjò kò tíì rọ̀. Típà gíráńáìtì kò tíì dé. A pe onílé lórí fóònù ní aago 7:10, ó ní ó ti ń bọ̀.

"Bírìkìlà 6, káfíńtà 2, àwọn tó ń di irin 2, lébìrà 22, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ 1. Àpapọ̀ jẹ́ 33.

"Aago 10:45, gíráńáìtì tán nílẹ̀. A ti lo báàgì 56. A fi pákó dí etí kọnkéré náà lóòró, ní àárín méjì bíìmù kejì àti ìkẹta. Iṣẹ́ dúró.

"Aago 11:15, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. A fi tàpólì 4 bo kọnkéré. Tàpólì kò ká igun apá ọ̀tún lẹ́yìn ilé, nǹkan bíi mítà 2 lóròó, mítà 1 níbùú.

"Aago 12:50, òjò dá. Omi dúró sí igun tí tàpólì kò ká, yanrìn ti yọ lójú kọnkéré ibẹ̀. A pe ẹnjiníà ní aago 12:55.

"Aago 13:40, típà gíráńáìtì dé. A wọn inú rẹ̀: mítà 3.6 lóòró, 2.0 níbùú, 0.8 ní gíga.

"Aago 13:45, ẹnjiníà dé. Ó ní ká kó kọnkéré igun náà kúrò, ká da òmíràn síbẹ̀.

"Aago 14:00, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Yanrìn ti tutù, a dín omi tó ń wọ báàgì kan kù láti lítà 27 sí 23. A parí ní aago 16:20. Kúùbù àyẹ̀wò 4 láti inú ti àárọ̀, 4 láti inú ti ọ̀sán."

Ẹni tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ ilé kíkọ́ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ aago òjò

Ohun tó pọ̀ jù nínú ìwé àwọn fọ́máànù ni gbólóhùn kan ṣoṣo: "Òjò rọ̀ lónìí." Gbólóhùn yìí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Òjò tó rọ̀ lóru kò pa iṣẹ́ lára bí èyí tó rọ̀ sórí kọnkéré tútù. Ohun tó yẹ kí ìwé sọ ni aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó dá, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà.

Kọnkéré tó ti lo wákàtí mẹ́ta nílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, òjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè rí i gbé ṣe mọ́. Èyí tí wọ́n dà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òjò tó dé ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, omi inú rẹ̀ yóò ju ìwọ̀n tó yẹ lọ, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Bí ọ̀gbàrá bá tún gba ojú rẹ̀ kọjá, yóò fọ sìmẹ́ńtì lọ, yóò fi yanrìn àti òkúta sílẹ̀. Àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ojú kọnkéré náà yóò rí ṣákaṣàka, èèyàn a sì lè fi ìṣó ha yanrìn kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí pé fọ́máànù kọ ibi tí tàpólì kò ká sílẹ̀, tó sì wọn ibẹ̀, mítà onígun méjì péré ni ẹnjiníà ní kí wọ́n kó kúrò. Ká ní kò kọ ọ́ ni, bí ibẹ̀ bá là lẹ́yìn ọdún kan, gbogbo dẹ́kìn náà ni wọn ìbá máa fura sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ pákó tí wọ́n fi dí etí kọnkéré. Nígbà tí iṣẹ́ dúró ní aago 10:45, wọn kò tún da kọnkéré mọ́ ọn títí di aago 14:00. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, kọnkéré tuntun kò sì lè wọnú èyí tó ti ń le mọ́ bí ìgbà tí wọ́n dà wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni omi yóò ti máa jò, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ là. Àmọ́ bí wọ́n bá fi pákó dí i kó dúró ṣánṣán, ní ibi tó sún mọ́ àárín méjì àwọn bíìmù, tí wọ́n ha ojú rẹ̀, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò mọ́ omi pa á lára kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ, ìsopọ̀ náà yóò dúró. Ìwé fọ́máànù ló ń sọ ibi tí ìsopọ̀ yìí wà, nítorí pé bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, ojú kò ní rí i mọ́.

Típà tọ́ọ̀nù mẹ́wàá

Wéèbíìlì tí awakọ̀ típà mú wá sọ pé tọ́ọ̀nù 10 ni gíráńáìtì tó gbé. Fọ́máànù kò ní òṣùwọ̀n tó lè fi wọn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ní téèpù. Bí a bá sọ mítà 3.6, 2.0 àti 0.8 di púpọ̀, mítà onígun mẹ́ta 5.76 ló jáde. Mítà onígun mẹ́ta gíráńáìtì kan sì máa ń wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Gíráńáìtì tó wà nínú típà náà kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 8.6 lọ, bó tilẹ̀ kún dé etí.

Ó tó iṣẹ́ tó kù láti ṣe, nítorí pé báàgì 36 tó kù kò ní gbà ju mítà onígun mẹ́ta 5 lọ. Àmọ́ owó tọ́ọ̀nù 10 ni onílé san. Bí fọ́máànù bá kàn kọ "típà gíráńáìtì kan" sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bó bá sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 tó wà nínú wéèbíìlì ló dà kọ, yóò fara hàn lọ́jọ́ iwájú bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ ló jí èyí tó kù kó. Ohun tó dáa ni kó kọ méjèèjì: ohun tí wéèbíìlì wí, àti ohun tí téèpù wí.

Irin náà nílò irú àbójútó yìí. Irin mílímítà 12 tí gígùn rẹ̀ pé mítà 12 máa ń wúwo tó kílò 10.66, èyí tó fi hàn pé ẹyọ 93 tàbí 94 ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ka irin tí wọ́n já sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tọ́ọ̀nù kan, tí iye rẹ̀ jẹ́ 105, kì í ṣe oore ni ẹni tó tà á ṣe. Irin náà tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ ni, tàbí kó kúrú. Iye ẹyọ tí fọ́máànù kà ló máa ń tú u fó.

Ta ló ni ìdádúró?

Lópin oṣù náà, agbaṣẹ́ṣe ní kí onílé san owó ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ òun fi jókòó. Onílé ní òun kò ní san kọ́bọ̀, pé òjò ló dá iṣẹ́ dúró, Ọlọ́run ló sì ni òjò. Bó bá jẹ́ pé "òjò rọ̀ lónìí" nìkan ló wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ onílé ni ìbá borí.

Àmọ́ aago tó wà nínú ìwé náà sọ ohun mìíràn. Láti aago 10:45 sí 11:15, kò sí òjò, gíráńáìtì ni kò sí. Láti aago 11:15 sí 12:50, òjò ń rọ̀, gíráńáìtì kò sì sí. Láti aago 12:50 sí 13:40, òjò ti dá, gíráńáìtì ni wọ́n tún ń retí. Ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni wọ́n fi já ẹrù, tí wọ́n fi kó kọnkéré tó bàjẹ́ kúrò. Nínú wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí iṣẹ́ fi dúró, ọgọ́rin ìṣẹ́jú ló jẹ́ pé gíráńáìtì nìkan ló fà á, onílé ló sì yẹ kó pèsè rẹ̀. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú náà, tí a bá fi òṣìṣẹ́ 33 sọ ọ́ di púpọ̀, jẹ́ wákàtí 44, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀ fún ẹnì kan tó ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lóòjọ́.

Ní ti ìṣẹ́jú 95 tí òjò àti àìsí gíráńáìtì jọ pàdé, ohun tí àwọn tó ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe ni pé wọn yóò fi àkókò náà kún ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi owó kún un. Ìyẹn ni pé ìhà méjèèjì ni ìwé náà dá dúró. Kò jẹ́ kí onílé sọ gbogbo ẹ̀bi sórí òjò, kò sì jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe gba owó òjò lọ́wọ́ onílé.

Nínú àwọn iṣẹ́ ńláńlá, òjò nìkan kò tilẹ̀ tó. Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà àgbáyé tó ń jẹ́ Fídíìkì gbé jáde lọ́dún 1999 sọ pé ojú ọjọ́ gbọ́dọ̀ burú kọjá bó ṣe máa ń rí kí agbaṣẹ́ṣe tó lè béèrè àfikún àkókò. Òjò oṣù kẹfà nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ti ọdún kan ṣàrà ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ fọ́máànù wé ti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà. Ìwé àdéhùn yìí kan náà tún ní kí agbaṣẹ́ṣe fi ohun tó ń béèrè tó ẹnjiníà létí láàárín ọjọ́ 28 tó ti mọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ kì í ṣe ìwé ìfitónilétí yìí, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa tó. Ẹ̀rí tó ń gbè é lẹ́yìn ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ti ń pàdánù nìyí: wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́, wọn kò kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ tí ọparun yóò kúrò lábẹ́ dẹ́kìn

Iṣẹ́ ìwé náà kò tán lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kìn. Kọnkéré kì í gba agbára lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ keje, agbára rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta èyí tí yóò ní lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹnjiníà ní kí ọparun tó gbé dẹ́kìn ró wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21. Bí a bá kà á láti ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje ni. Kúùbù mẹ́rin ni wọn yóò fọ́ lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, méjì nínú ti àárọ̀, méjì nínú ti ọ̀sán. Wọn yóò fọ́ mẹ́rin tó kù lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù keje.

Ọjọ́ wọ̀nyí ni káfíńtà tó nílò pákó fún iṣẹ́ mìíràn kì í fẹ́ gbọ́. Yóò ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sí ìwé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fọ́máànù tún gbọ́dọ̀ máa kọ ìgbà tí wọ́n bu omi sórí dẹ́kìn, nítorí pé kọnkéré tí oòrùn bá tètè gbẹ kò ní ní agbára tó yẹ. Ọjọ́ tí omi kò sí, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ẹ̀mí tó lé ní ogójì ló sì bá a lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ lè gbẹ́ inú kọnkéré tó ti gan, kí wọ́n sì fọ́ ohun tó bá jáde láti mọ agbára rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n dà á, bóyá òjò pa á, tàbí ọjọ́ tí wọ́n yọ igi abẹ́ rẹ̀. Ìwé nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń dá ayédèrú mọ̀

Ìwé tí wọ́n jókòó kọ lọ́jọ́ Ẹtì fún gbogbo ọ̀sẹ̀ kì í pẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀. Gègé kan náà, ọwọ́ kan náà, òṣìṣẹ́ 30 ní gbogbo ọjọ́ láì dín, láì lé. Kò sí aago kankan níbẹ̀, àfi "àárọ̀" àti "ọ̀sán". Ojú ọjọ́ dára láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí agbẹjọ́rò bá ti rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, kò ní jẹ́ kí wọ́n gba ojú ewé tó kù gbọ́.

Ohun tó ń gbà á là kò ju mẹ́ta lọ. Kí fọ́máànù kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó kúrò níbi iṣẹ́. Bó bá ṣi nǹkan kọ, kó fa ìlà kan ṣoṣo sí i kí wọ́n ṣì lè rí i kà, kó sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí aṣojú onílé fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì, bí kò bá sì gbà, kó kọ ohun tí kò gbà sísàlẹ̀ rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ fọ́máànù tún máa ń ya fọ́tò ojú ewé náà, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀tsáàpù, kí ọjọ́ àti aago lè wà lára rẹ̀.

Kò sì yẹ kí wọ́n máa dá ẹjọ́ nínú rẹ̀. Fọ́máànù tó kọ pé "onílé fi iṣẹ́ ṣòfò" ti sọ ìwé rẹ̀ di ìwé ìjà. Èyí tó kọ pé "gíráńáìtì tán ní aago 10:45, típà dé ní aago 13:40" ti sọ ohun kan náà, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn.